Ìtàn àgbẹ̀ méjì: ẹni tó mọ iṣu àti àgbàdo gbìn, kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì?

Tíṣà_Ọrọ̀Ajé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ gírámà ni mò ń kọ́. Mo ń wá ìtàn kúkurú nípa àgbẹ̀ méjì, níbi tí ẹnì kan ti mọ iṣẹ́ méjèèjì ju ẹnì kejì lọ, síbẹ̀ tí òwò àárín wọn ń pé tọ̀tún tòsì. Gbogbo ìgbà tí mo bá kan ibẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Sà, ẹni tó mọ méjèèjì ṣe, kí ló tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tó o?" Ẹ jọ̀ọ́, kí ìṣirò rẹ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé lè fi ìka kà.

Kúnlé_ỌjàỌba
Tíṣà, ìyẹn ò le rárá. Àgbẹ̀ kan wà létí odò, ata rẹ̀ ń so bí ẹni fi oògùn sí i, àmọ́ iṣu rẹ̀ ń jẹrà. Èkejì wà lókè, iṣu rẹ̀ tó itan géńdé, ata rẹ̀ kì í yè. Aláta gbájú mọ́ ata, oníṣu gbájú mọ́ iṣu, wọ́n pàdé lọ́jọ́ ọjà. Ohun tí kálukú mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹnì kejì lọ ni kó máa ṣe. Ó tán.

Àjàní_Alájẹṣẹ́kù
Kúnlé, ìtàn rẹ dùn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn lo sọ. Ìyẹn ò rú ọmọ kankan lójú. Ìbéèrè Tíṣà ni pé bí ata ẹni kan bá dára ju ti èkejì, tí iṣu rẹ̀ tún dára jù ú, ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú.

Lójú ọ̀nà Ìgbòho sí Kíṣí, oko Àkànmú àti oko Àdìgún jọ pààlà. Ilẹ̀ Àkànmú dúdú, ó sì jìn. Bó bá ń kọ ebè, ọkọ́ rẹ̀ kì í kan òkúta. Ìyangí ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Àdìgún. Bí iṣu bá ta dé ibẹ̀, ṣe ló máa ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ìka ọwọ́, àfi tí Àdìgún bá lọ wa erùpẹ̀ kún ebè láti ibòmíràn. Àgbàdo ní tirẹ̀ ń fara dà á níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ dà bíi ti Àkànmú.

Ọjọ́ 2 ni Àkànmú fi ń ṣiṣẹ́ àpò àgbàdo kan, ó sì ń fi ọjọ́ 3 ṣiṣẹ́ ọgọ́rùn-ún iṣu. Ní ti Àdìgún, àpò kan gba ọjọ́ 3, ọgọ́rùn-ún iṣu gba ọjọ́ 9. Ẹ rí i pé kò síbi tí Àdìgún ti lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ọjọ́ iṣẹ́ 60 ni kálukú ní. Lọ́dún àkọ́kọ́, oníkálukú dá tirẹ̀ ṣe. Àkànmú pín ọjọ́ rẹ̀ sí méjì ọgbọọgba, ó kó àpò 15 àti iṣu 1,000 wálé. Àdìgún fi ọjọ́ 33 gbin àgbàdo, ó rí àpò 11. Ó fi ọjọ́ 27 yòókù jìyà nídìí iṣu, ó rí 300.

Lọ́dún kejì, Àdìgún wá bá Àkànmú nírọ̀lẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ fi iṣu sílẹ̀. Ẹ máa fún mi ní ọgọ́rùn-ún iṣu, èmi á máa fún yín ní àpò àgbàdo méjì."

Àkànmú rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Àdìgún! Àgbàdo tí mo mọ̀ ọ́n gbìn jù ọ́ lọ, òun lo fẹ́ tà fún mi?"

Ìyàwó Àkànmú ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bàbá wọn, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń ṣiṣẹ́ ọgọ́rùn-ún iṣu?"

"Mẹ́ta."

"Tí ẹ bá kó ọjọ́ mẹ́ta yẹn lọ sídìí àgbàdo ńkọ́?"

Àkànmú rò ó. "Àpò kan àtààbọ̀."

"Ẹni tó jókòó síwájú yín yìí ń gbé odindi méjì bọ̀."

Àkànmú kò rẹ́rìn-ín mọ́. Lọ́dún náà, Àdìgún kó ọjọ́ 60 rẹ̀ sórí àgbàdo, ó rí àpò 20. Àkànmú fi ọjọ́ 42 gbin iṣu, ó rí 1,400, ó sì fi ọjọ́ 18 tó kù gbin àgbàdo, ó rí àpò 9. Ó fún Àdìgún ní iṣu 400, ó gba àpò 8. Ohun tó bá Àkànmú dé ilé ni iṣu 1,000 rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àpò 17 dípò 15. Ti Àdìgún jẹ́ àpò 12 dípò 11, àti iṣu 400 dípò 300. Ọjọ́ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ kò lé, ilẹ̀ wọn ò yí padà.

Bàbá_Àgbàdo_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ní àpò àgbàdo 40 nílẹ̀, funfun ni, ó ti gbẹ dáadáa, kò sí kòkòrò nínú rẹ̀. Tí ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣu pààrọ̀ bá ti ṣetán, ẹ kàn sí mi. Ṣùgbọ́n n kò lè gba ọgọ́rùn-ún iṣu kéékèèké fún àpò méjì o.

Kúnlé_ỌjàỌba
Bàbá, ìtàn ni o! Kò sí Àkànmú níbì kankan.

Ẹ̀gbọ́n Àjàní, mo gbà pé mo ṣìnà. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi. Bí Àkànmú bá dára jù nínú iṣu, kí ló dé tí kò gbin iṣu nìkan? Mo rò pé ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni pé kí kálukú di ẹyọ kan mú.

Àjàní_Alájẹṣẹ́kù
Rárá, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyẹn. Iṣu 400 péré ni Àdìgún fẹ́ rà. Bí Àkànmú bá kó gbogbo ọjọ́ 60 sórí iṣu, á rí 2,000, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Ẹni tó ní agbára díẹ̀ ló sábà máa ń dúró sórí ẹyọ kan. Ẹni tó ní púpọ̀ máa ń ṣe tirẹ̀ kún un, torí ọjà èkejì kò lè bọ́ ọ yó.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò kì í ṣe ta ló yára jù. Ẹ bi kálukú léèrè pé: láti rí ọgọ́rùn-ún iṣu, àpò àgbàdo mélòó lo fi sílẹ̀? Àkànmú á ní àpò kan àtààbọ̀. Àdìgún á ní mẹ́ta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdáhùn méjèèjì yìí ni òwò ń jẹ. Bí ìdáhùn wọn bá bára mu, kí wọ́n lọ sùn.

Tíṣà_Ọrọ̀Ajé
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé e lọ sí kíláàsì lónìí. Ó ń lọ bó ṣe yẹ títí ọmọkùnrin kan fi dìde. Ó ní bàbá òun máa ń ṣe àáró, ọjọ́ kan ni wọ́n sì fi ń san ọjọ́ kan. Ẹni tó bá wá sóko mi lónìí, èmi náà á lọ sí tirẹ̀ lọ́la. Ó wá ní, "Sà, ọjọ́ 6 ni Àdìgún fi gbin àpò 2. Ọjọ́ 3 péré ni Àkànmú fi gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó fún un. Ìrẹ́jẹ nìyẹn." Gbogbo kíláàsì pariwo. Ojú tì mí díẹ̀ torí n kò rí nǹkan sọ lójú ẹsẹ̀.

Àjàní_Alájẹṣẹ́kù
Ọmọ yẹn ní làákàyè. Ẹ má bá a wí rárá. Àáró dára fún iṣẹ́ tí ọwọ́ gbogbo ayé ti bára dọ́gba, bí ìroko tàbí ilé mímọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá fi òfin àáró mú àwọn méjì yìí. Ọjọ́ 3 Àkànmú jẹ́ ọgọ́rùn-ún iṣu. Ọjọ́ 3 Àdìgún jẹ́ àpò kan. Ká ní wọ́n fi ọgọ́rùn-ún iṣu gba àpò kan, Àkànmú máa bínú dìde, torí ọjọ́ mẹ́ta yẹn kan náà lè fún òun fúnra rẹ̀ ní àpò kan àtààbọ̀. Àdìgún á padà sídìí ìyangí rẹ̀.

Kí Àdìgún má fi ọjọ́ 6 rẹ̀ wé ọjọ́ 3 Àkànmú. Ọjọ́ 9 tí òun ìbá fi gbin ọgọ́rùn-ún iṣu fúnra rẹ̀ ni kó fi wé. Ó sanwó ọjọ́ 6 fún ohun tí ìbá gba ọjọ́ 9 lọ́wọ́ rẹ̀. Àkànmú náà san ọjọ́ 3 fún àpò 2 tí ìbá gba ọjọ́ 4 lọ́wọ́ rẹ̀. Kálukú gba ọjọ́ tirẹ̀ padà. Ìwọ̀n ọjọ́ Àkànmú kọ́ ló wà lọ́wọ́ Àdìgún.

Àmọ́ ohun tí ọmọ náà ń fura sí wà níbẹ̀ lóòótọ́, orí iye pàṣípààrọ̀ ló wà. Bí Àkànmú bá ní àpò 3 ni òun máa gbà fún ọgọ́rùn-ún iṣu, Àdìgún ò jèrè nǹkan kan, torí ọjọ́ 9 náà ló padà san. Bí Àdìgún bá ní àpò kan àtààbọ̀ ni òun máa san, Àkànmú ni kò jèrè. Gbogbo ohun tó wà láàárín kan àtààbọ̀ sí mẹ́ta, ìdúnàádúrà ni. Kò sí ìṣirò tó lè sọ pé méjì ló tọ́. Ká ní Àdìgún mẹ́wàá ló yí Àkànmú kan ká, tí ilẹ̀ gbogbo wọn jẹ́ ìyangí, ẹ ò ní pẹ́ rí i kí iye náà máa gun òkè lọ sí mẹ́ta.

Ìyá_Gàrí
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kì í ṣe ìtàn. Mo máa ń yan gàrí, mo sì máa ń bó ègúsí tà. Obìnrin kan wà ní ojúlé kejì, ọwọ́ mi yá ju tirẹ̀ lọ nínú méjèèjì, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gàrí rẹ̀ burú ju ègúsí rẹ̀ lọ, á jóná, á tún di kókó. A wá ṣàdéhùn pé kí n máa yan gàrí, kó máa bó ègúsí, kóńgò gàrí márùn-ún fún kóńgò ègúsí kan. Ó pé mi fún odidi ọdún kan.

Lọ́jọ́ kan mo da ègúsí rẹ̀ sínú kóńgò tèmi, kò kún. Mo dà á lẹ́ẹ̀kejì, kò kún. Mo yí kóńgò rẹ̀ dojú dé: wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú! Èmi tí mo rò pé kóńgò márùn-ún fún kan ni mò ń san, ó ti ń súnmọ́ mẹ́fà. A jà, ilé ò gbà wá.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù nìyí. Mo ní n ó padà máa bó ègúsí mi fúnra mi, àwọn ìka mi ti gbàgbé. Ohun tí mo máa ń parí kí oòrùn tó wọ̀, mo ń jókòó tì í di alẹ́. Mo padà lọ bá a. Kóńgò mi la fi ń wọ̀n ọ́n báyìí.

Àjàní_Alájẹṣẹ́kù
Ìyá, ẹ ti sọ ohun tí mo gbàgbé. Ààlà tí mo ń sọ yẹn, kan àtààbọ̀ sí mẹ́ta, ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe ló gbé e ró. Lọ́jọ́ tí ọwọ́ yín ti gbàgbé ègúsí, iye tí ẹ lè fara mọ́ kó tó di pé ẹ yarí ti ga sí i láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Bí obìnrin náà bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò nílò láti lu ìdí kóńgò mọ́.

Àgbẹ̀_Ṣakí
Mo ti ń ka gbogbo yín látàárọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ó hàn pé ìwé lẹ fi ń roko. Ọjọ́ ò bára dọ́gba lóko o! Látìgbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí di inú ọyẹ́ ni a ti ń kọ ebè, tí a sì ń gbin èèbù. Àgbàdo ń retí òjò àkọ́rọ̀. Bí Àdìgún bá fi iṣu sílẹ̀, àwọn ọjọ́ tó gbà padà nínú ọyẹ́, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ṣé á gbin àgbàdo sínú ilẹ̀ gbígbẹ kí àparò wá jẹ ẹ́? Á jókòó sábẹ́ igi ni. Ọjọ́ 27 tí ẹ kó kúrò nídìí iṣu lọ sídìí àgbàdo, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ṣeé kó.

Èkejì, kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, 2016 la kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ wa. Ó wọ oko kan, nígbà tí ẹ bá fi máa mọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ bí ìyẹ̀fun igi ti kún inú ewé. Ẹni tó ní iṣu díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rí iṣu jẹ. Kí ni Àdìgún yín tó kó ọjọ́ 60 sórí àgbàdo máa fi ra iṣu lọ́dún náà?

Ẹ ò tiẹ̀ ka owó ọkọ̀. Iṣu 400 kì í ṣe ohun tí ọ̀kadà kan lè gbé.

Kúnlé_ỌjàỌba
Ẹ jẹ́ a pa ìtàn yẹn rẹ́ nìyẹn.

Àjàní_Alájẹṣẹ́kù
Rárá o, ẹ jẹ́ a gé e kù. Bàbá Ṣakí, mo gbà fún yín lórí ọjọ́. Àwọn ọjọ́ tí iṣu àti àgbàdo ti ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nìkan ló yẹ ká kà. Èbìbí àti Òkúdu ni mo rò: iṣu ń béèrè ìroko àti igi tó máa gùn, àgbàdo náà ń béèrè ìroko. Tíṣà lè ní ọjọ́ 60 ti oṣù méjì yẹn ni à ń sọ.

Ní ti ọkọ̀, gbogbo àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì lórí ọgọ́rùn-ún iṣu kò ju àpò kan àtààbọ̀ lọ. Bí ẹrù gbígbé bá jẹ tó bẹ́ẹ̀, òwò kú. Ìdí tí mo fi ní kí oko wọn pààlà nìyẹn.

Ti kòkòrò, n kò ní èsì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún iṣu díẹ̀ sílẹ̀ sórí ìyangí nítorí irú ọdún bẹ́ẹ̀, n kò ní pè é ní òmùgọ̀.

Àgbẹ̀_Ṣakí
Ìroko nìkan kọ́ ni iṣu. Ẹni tí kò kọ ebè nínú ọyẹ́, kí ló fẹ́ roko rẹ̀ ní Èbìbí? Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ yín.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Mansẹ́sítà
Ọkùnrin tó kọ́kọ́ kọ ìṣirò yìí sílẹ̀, Dáfídì Ríkádò, 1817 ló kọ ọ́, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wáìnì àti aṣọ ló lò. Ó ní ká sọ pé ní ilẹ̀ Potogí, iṣẹ́ èèyàn 80 fún ọdún kan ló tó fún wáìnì kan, aṣọ gba 90. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wáìnì gba 120, aṣọ gba 100. Potogí ni Àkànmú, Gẹ̀ẹ́sì ni Àdìgún. Ẹ wá wo ohun tí mò ń rí níbi tí mò ń gbé yìí: ilé iṣẹ́ òwú ìgbà náà ṣì kún ìgboro, aṣọ ló sọ ìlú náà di ńlá. Ta ló wá jèrè ju ẹnì kejì lọ? Ẹni tó di aṣọ mú kọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tó di wáìnì mú ń bá wáìnì lọ.

Àjàní_Alájẹṣẹ́kù
Ìdí tí Potogí kò fi lówó bíi Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju wáìnì lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ pé ìṣirò náà kò wo ọ̀la. Ó gba ọwọ́ kálukú bó ṣe rí lónìí. Ẹ rántí ìka Ìyá Gàrí.

Tíṣà_Ọrọ̀Ajé
Mo padà lọ lónìí. Mo ṣàlàyé ọjọ́ 6 àti ọjọ́ 9, ọmọ àáró rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà. Mo rò pé mo ti bọ́. Ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ nawọ́ sókè: "Sà, ká ní Àdìgún rí ọgbọ́n dá sí ilẹ̀ rẹ̀, tí ọgọ́rùn-ún iṣu wá ń gba ọjọ́ mẹ́rin àtààbọ̀ dípò mẹ́sàn-án?" Mo ṣe é lójú pátákó. Ọjọ́ 3 fún àpò kan, mẹ́rin àtààbọ̀ fún iṣu: ọgọ́rùn-ún iṣu jẹ́ àpò kan àtààbọ̀. Ti Àkànmú gan-an! Kò sí àyè kankan mọ́. Ọmọ náà ní, "Ìyẹn ni pé òwò parí nítorí pé Àdìgún mọ iṣẹ́ sí i?" Agogo dún.

Àjàní_Alájẹṣẹ́kù
Ó parí lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣírò ilé Àdìgún: àpò 12 gba ọjọ́ 36, iṣu 400 gba ọjọ́ 18, àpapọ̀ 54. Ohun tó ń rí nígbà òwò gan-an ló rí, ọjọ́ 6 sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Àkànmú ni kí ẹ lọ wò. Àpò 17 rẹ̀ ti padà di 15.

Kúnlé_ỌjàỌba
Kò sì ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni o, Àkànmú. Ó jókòó jẹ́jẹ́, àpò méjì lọ.

Bàbá_Àgbàdo_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ sọ fún un kó wá. Ó ku àpò 31.